Láfún Báláú níwájú òfin: ìforúkọsílẹ̀, àfarawé ọjà àti ìdáyàtọ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ òfin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wá láti Bwari.

Ẹ̀yin tí ẹ yan òfin ohun-ìní ọpọlọ mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ìbéèrè lórí àmì-ìṣòwò máa ń gbà wọ inú ìdánwò. Ọ̀kan á ní kí ẹ fi ìforúkọsílẹ̀ wé àfarawé ọjà. Ìkejì á sọ ìtàn oníṣòwò kan, á wá ní kí ẹ gbà á nímọ̀ràn. Àfarawé ọjà ni mo ń pe ohun tí àwọn lọ́yà ń pè ní pásìn-ọ́ọ̀fù, ìyẹn ni kí èèyàn máa ta ọjà tirẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá fún ìtàn, wọ́n á gba ọ̀nà àfiwé lọ, nítorí pé ó dà bíi pé àkọsórí lásán ni. Èmi á ní kí ẹ mú ìtàn. Ẹni tó bá ṣe àfiwé láìsí ìtàn máa ń kọ ọ́ pé èyí ní ìwé, ìyẹn ò ní, ibẹ̀ ló sì máa ń parí sí. Ìtàn ló ń jẹ́ kó hàn pé ohun kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń béèrè. Ohun náà ni ìdáyàtọ̀, agbára tí àmì kan ní láti fi ọjà ẹnì kan hàn yàtọ̀ láàárín ọjà àwọn yòókù. Ibi tí wọ́n ti ń wá a àti ọjọ́ tí wọ́n ń wò ni kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn kan. Àròsọ ni o. Ìyá kan ní Kubwa bẹ̀rẹ̀ sí í ta láfún nínú ọ̀rá kílò méjì ní 2015. Ó tẹ "Láfún Báláú" sára ọ̀rá náà, pẹ̀lú àwòrán odó aláwọ̀ búlúù àti ìlà búlúù méjì létí rẹ̀. Ọjà náà tàn dé Gwarinpa àti Suleja. Ní oṣù kẹta 2022, lọ́yà rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà nìkan, láìsí àwòrán, ránṣẹ́ sí Ilé Ìforúkọsílẹ̀ Àmì-ìṣòwò nílùú Abuja, ní kíláàsì 30 tí ìyẹ̀fun oúnjẹ wà. Wọ́n fún un ní ìwé ìtẹ́wọ́gbà, ṣùgbọ́n sàtífíkéètì ò tíì jáde. Ní 2023, ọkùnrin kan ní Nyanya gbé "Láfún Báláwú" jáde nínú ọ̀rá tó ní odó búlúù àti ìlà búlúù méjì. Ọjà ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.

Déètì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Abala 3 nínú Òfin Àmì-ìṣòwò, tí wọ́n ṣe ní 1965, sọ pé kò sẹ́ni tó lè pe ẹjọ́ ìrúfin lórí àmì tí kò forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó ti rí ìwé ìtẹ́wọ́gbà ńkọ́? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú. Wọ́n á kọ ọ́ pé níwọ̀n ìgbà tí Réjísírà ti gbà á, ìyá náà ti di olóhun. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti fèsì sí èyí nínú ẹjọ́ Dyktrade àti Omnia ní 2000: ìtẹ́wọ́gbà kì í ṣe ìforúkọsílẹ̀. Lẹ́yìn ìtẹ́wọ́gbà, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ tẹ àmì náà jáde nínú Jọ́nà Àmì-ìṣòwò, wọ́n á sì fi oṣù méjì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ takò ó. Bí kò bá sí àtakò, tàbí tí àtakò bá kùnà, ìgbà náà ni wọ́n tó lè fi í sínú rẹ́jísítà kí sàtífíkéètì sì jáde. Fún ìdí èyí, ìyá Kubwa ò tíì lè pe ẹjọ́ ìrúfin. Abala 3 yẹn kan náà ló sì wá sọ pé òfin yìí ò pa ẹ̀tọ́ ẹni lára láti pe ẹni tó ń ṣe àfarawé ọjà lẹ́jọ́. Bí ẹ bá fa ìlà kọjá ní ìdajì abala náà, ẹ ti pàdánù ìdajì ìdáhùn.

Kí a tó dé ibẹ̀, ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí wọ́n forúkọ "Báláú" sílẹ̀? Abala 9 ló ka ohun tó lè wọ Apá A nínú rẹ́jísítà: orúkọ tí wọ́n kọ lọ́nà àrà, ìbuwọ́lù ẹni tó ń béèrè, ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn, ọ̀rọ̀ tí kò tọ́ka tààrà sí ìwà tàbí dídára ọjà tí kì í sì í ṣe orúkọ ìlú tàbí orúkọ ìdílé, àti àmì mìíràn tó bá ṣe é fi dá ọjà mọ̀. Ẹ gbé gàrí yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá fẹ́ gba "Gàrí Ìjẹ̀bú" fún ara rẹ̀ nìkan ti kọlu ògiri lẹ́ẹ̀mejì: orúkọ ìlú ni, ó sì ti di orúkọ irú gàrí kan tó kan tó sì kúnná, tí gbogbo ọlọ́jà láti Wuse dé Zuba ń pè bẹ́ẹ̀. "Láfún Funfun" náà ò lè lọ jìnnà, torí gbogbo oníláfún ló nílò ọ̀rọ̀ yẹn.

"Báláú" le díẹ̀. Yorùbá kì í sọ pé aṣọ "báláú" kó dákẹ́. Funfun báláú la ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò túmọ̀ sí funfun, àmọ́ ẹ̀yìn funfun ló ń tẹ̀ lé, kò sì sí Yorùbá tó máa gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún tí ojú rẹ̀ ò ní rí ìyẹ̀fun tó mọ́. Ṣé ìtọ́ka tààrà nìyẹn, àbí ọ̀rọ̀ tó kàn ń ránni létí rẹ̀ lásán? Èrò tèmi ni pé ó sún mọ́ ìtọ́ka tààrà ju bí lọ́yà ìyá ṣe máa fẹ́ lọ. Ohun tó gbọ́dọ̀ fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni pé abala 9 gbà kí a wo bí àmì ṣe ti dá yàtọ̀ nípasẹ̀ ìlò, ìyẹn iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe lọ́jà láti 2015. Bí ìyẹn ò bá tó, Apá B wà lábẹ́ abala 10, níbi tí ohun tí wọ́n ń béèrè ti rọrùn ju ti Apá A: kí àmì náà ṣáà lè fi ọjà rẹ̀ hàn yàtọ̀. Ìrọ̀rùn yẹn kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Nínú Apá B, bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ bá lè fi hàn pé ohun tóun ṣe kò lè da oníbàárà láàmú, ilé ẹjọ́ kò ní dá a dúró.

Ẹ wá jẹ́ ká kọjá sí àfarawé ọjà. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn, bí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tò ó nínú ẹjọ́ ìgò ọsàn wẹ́wẹ́ Jif ní 1990: òkìkí tí ọjà olùpẹ̀jọ́ ní, ìtànjẹ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n pè, àti ìpalára tó tìdí rẹ̀ wá. Inú òkìkí ni ìdáyàtọ̀ ti tún yọjú. Réjísírà ń wo ọ̀rọ̀ náà lórí pépà. Adájọ́ ń wo ohun tó wà lọ́kàn oníbàárà ní ọjọ́ tí ọkùnrin Nyanya bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2023. Òkìkí tí ìyá bá ní lẹ́yìn ọjọ́ náà kò ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí kò bá lè wọ rẹ́jísítà fi lè borí lábẹ́ àfarawé ọjà. Nínú ẹjọ́ Reddaway àti Banham ní 1896, "bẹ́líìtì irun ràkúnmí" ni orúkọ ọjà, irun ràkúnmí ni wọ́n sì fi ṣe é lóòótọ́. Síbẹ̀ olùpẹ̀jọ́ borí, torí lójú àwọn tó ń ra irú bẹ́líìtì yẹn, tirẹ̀ nìkan ni orúkọ náà ń tọ́ka sí.

Ta wá ni oníbàárà ní Kubwa? Ibí ni ìdáhùn tó dára ti ń yàtọ̀. Yorùbá nìkan kọ́ ló ń ra láfún níbẹ̀. Ẹni tó ń sọ Gbagyi tàbí Haúsá tó ń rà á lè máà mọ̀ pé báláú ń tẹ̀ lé funfun. Lójú tirẹ̀, orúkọ lásán ni, tí ó so mọ́ ọ̀rá ìyá náà. Ọ̀rọ̀ tó rọ lójú Réjísírà lè wá le gan-an lẹ́nu irú oníbàárà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè kàwé ńkọ́? Odó búlúù àti ìlà méjì ló fi ń dá ọjà mọ̀, kò sì ní fi ọ̀rá méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó tó rà; ohun tó kù lórí rẹ̀ láti ìgbà tó rà kẹ́yìn ló ń bá ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo ojú-ìwé wé lẹ́tà Báláú mọ́ lẹ́tà Báláwú. Ẹ̀rí tí ìyá nílò ni rìsíìtì àti ìwé ìkẹ́rù láti 2015 sí 2023, ọ̀rá méjèèjì fúnra wọn, àti oníbàárà tó lè dìde ní kóòtù pé òun béèrè ti ìyá Kubwa, wọ́n sì gbé ti Nyanya fún òun. Àwọn ọmọ rẹ̀ nílé kò tó ẹlẹ́rìí.

Ọ̀rá yẹn náà ló tún jẹ́ kí ìforúkọsílẹ̀ àti àfarawé yà síra. Ẹjọ́ Ferodo àti Ibeto, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní 2004, dá lórí páálí bíréèkì mọ́tò tí àwọ̀ wọn jọra. Ọ̀rọ̀ Ferodo ni wọ́n forúkọ sílẹ̀, kì í ṣe àwọ̀ páálí, ẹjọ́ ìrúfin kò sì lè gun ohun tí kò sí nínú rẹ́jísítà. Bí sàtífíkéètì ìyá bá jáde lọ́la, ọ̀rọ̀ nìkan ló máa dáàbò bo. Odó àti ìlà ṣì wà lábẹ́ àfarawé ọjà. Òfin ìmúrọ̀rùn òwò tí ààrẹ buwọ́ lù ní 2023 ti fi ìdì ọjà àti àpapọ̀ àwọ̀ kún ohun tó lè jẹ́ àmì-ìṣòwò, nítorí náà lọ́yà rẹ̀ lè tún béèrè lọ́tọ̀ fún ọ̀rá náà.

Kóòtù wo? Nínú ẹjọ́ Patkun ní 1988, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé inú abala 3 ni ẹ̀tọ́ àfarawé ọjà ti jáde, ìdí nìyẹn tí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ fi lè gbọ́ ọ. Abala 251 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 náà dárúkọ àfarawé ọjà lára iṣẹ́ kóòtù yẹn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Ayman ní 2003 ní kóòtù náà ò ní agbára lórí àfarawé tó dá lórí àmì tí kò forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ fara mọ́ àti ìdí rẹ̀; ẹni tó bá kọ Patkun nìkan kò tíì dáhùn.

Bí sàtífíkéètì bá wá jáde nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́, ọjọ́ tó fi ìwé ránṣẹ́ ní oṣù kẹta 2022 ni òfin máa kà sí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀, ọdún méje àkọ́kọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà. Ọkùnrin Nyanya kò wá lè sọ pé òun ti ń lo àmì náà kí ìyá tó forúkọ sílẹ̀, torí 2023 ló dé ọjà.