Lítíọ́mù, omi ara àti oògùn ara ríro

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí: ìdí tí ẹni tó ti ń fi lítíọ́mù tọ́jú àrùn bàípólà, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí inú ẹni dùn kọjá ààlà nígbà kan, kí ó sì bàjẹ́ gidigidi nígbà mìíràn, láti ọdún pípẹ́ láìsí wàhálà fi lè kó sínú ewu láàárín ọjọ́ márùn-ún, láìfi hóró oògùn kan kún èyí tó ń lò.

Iyọ̀ ni lítíọ́mù. Inú ìtọ̀ ló ń bá jáde, kíndìnrín sì ń bá a lò bí ẹni ń bá iyọ̀ ọbẹ̀ lò. Nígbà tí omi àti iyọ̀ bá dín kù lára, kíndìnrín á máa fa iyọ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, lítíọ́mù á sì bá a padà. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn ti balẹ̀, nǹkan bíi 0.6 sí 0.8 mmol/L ni à ń fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ti kọjá 1.5, ó ti ń di májèlé. Ẹ rí i pé àlàfo náà kò fẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká fi télọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 0.7. Ibà mú un, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, kò lè jẹun. Nítorí ara ríro, ó ra dàìkílófẹ́náàkì ní kẹ́míìsì, ó sì ń lo lítíọ́mù rẹ̀ lọ bó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀. Dàìkílófẹ́náàkì àti àìbùpúrófẹ́ẹ̀nì ń dí èròjà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè wọ kíndìnrín, èyí tí kíndìnrín nílò jù lọ nígbà tí omi ti gbẹ lára; lítíọ́mù kò sì ní ráyè jáde dáadáa mọ́. Parasitamọ́ọ̀lù kì í ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló yẹ kó rà.

Ọwọ́ télọ̀ yìí ti ń gbọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀, èyí wọ́pọ̀, ó sì ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìgbọ̀n náà di ńlá débi pé omi inú ife ń dà sí i láyà. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, oorun ń kùn ún ṣáá. Àwọn ará ilé rò pé ibà náà ló le, ẹlòmíràn ní ọtí ni.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n dá lítíọ́mù àti dàìkílófẹ́náàkì dúró, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò. Níbi gbígba ẹ̀jẹ̀, àṣìṣe kékeré kan wà tó máa ń tan àwọn oníṣègùn gan-an jẹ: àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ kan tí ìdérí wọn jẹ́ àwọ̀ ewé ní lítíọ́mù nínú, èsì wọn á sì ga lásán. Bí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò déédéé, wákàtí 12 lẹ́yìn oògùn ìkẹyìn ni à ń gba ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í dúró de wákàtí fún ẹni tí ara rẹ̀ ti bàjẹ́. Èsì tirẹ̀ jẹ́ 1.9. Bó tilẹ̀ jẹ́ 1.3 ni, mi ò ní jẹ́ kó lọ sílé, nítorí lítíọ́mù tó ti wọ ọpọlọ kì í tètè jáde bí ti inú ẹ̀jẹ̀.