Ilé £340,000: owó òǹtẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe £17,000

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé kan la fẹ́ rà lónìí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. £340,000 ni wọ́n pè é. Èló ni ìjọba máa gbà lọ́wọ́ wa fún owó òǹtẹ̀, ìyẹn sítáǹpù díútì? Mi ò ní sọ̀rọ̀ wíwá ilé tàbí yíyá owó báńkì, ìyẹn ti yé yín. Ìṣirò ni ká kọjú sí.

Bí òfin ṣe pín in láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2025 nìyí. £125,000 àkọ́kọ́, ìjọba ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Láti ibẹ̀ dé £250,000, 2% ni. Láti £250,000 dé £925,000, 5% ni. Ìpele ṣì wà lókè, àmọ́ ilé tiwa ò débẹ̀.

Ó yá, ẹ fara balẹ̀, torí ibí gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣì í. Ẹni tó ń ra ilé á wo £340,000, á rí i pé ó ti wọ ìpele 5%, á wá yọ 5% nínú gbogbo owó ilé. £17,000! Àyà á já, á ní òun ò ra ilé mọ́. RÁRÁ O! Apá owó tó bọ́ sínú ìpele yẹn NÌKAN ni 5% kàn. Ẹ jẹ́ n tún un sọ: apá tó bọ́ sínú ìpele yẹn nìkan!

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀ nìyí. Ẹ to ìkòkò mẹ́ta sílẹ̀. Owó ilé ni omi. Ẹ bu omi sínú ìkòkò àkọ́kọ́ títí yóò fi kún, ó gba £125,000. Ẹ bọ́ sí ìkejì, òun náà gba £125,000, ó kún. Èyí tó ṣẹ́ kù, £90,000, ẹ dà á sínú ìkẹta. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ló ní iye tí ìjọba ń bù níbẹ̀, omi inú ìkẹta ò sì lè sọ ti àkọ́kọ́ di ọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ wàyí:

```
£125,000 x 0% = £0
£125,000 x 2% = £2,500
 £90,000 x 5% = £4,500
         £7,000
```

£7,000! Kì í ṣe £17,000.

Ẹ mọ ibi tí àṣìṣe yẹn ti wá? Nígbà kan, bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin rí. Ilé £252,000 ni mo fẹ́ rà lọ́dún 2013. Láyé ìgbà yẹn, tí owó ilé bá ti lé ní £250,000, 3% lórí gbogbo ẹ̀ ni, ó di £7,560. Tó bá jẹ́ £250,000 géérégé, 1% ni, £2,500 péré. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bẹ ẹni tó ni ilé pé kó yọ £2,000 kúrò, mi ò sùn dáadáa títí ó fi gbà. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni wọ́n fòpin sí èyí. Lónìí, £2,000 yẹn ò ju £100 lọ lára owó òǹtẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣirò àtijọ́ dẹ́rù bà yín.

Àmọ́ £7,000 yẹn kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò ní ilé rí, tó sì fẹ́ máa gbé inú èyí, ìjọba ò mú kọ́bọ̀ lórí £300,000 àkọ́kọ́. £40,000 tó kù ló máa san 5% lé lórí: £2,000. Bí owó ilé bá ti kọjá £500,000, àǹfààní yẹn ti lọ pátápátá.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé sílé! “Kò ní ilé rí” tí òfin sọ, gbogbo ayé ló kàn. Ilé tó wà lórúkọ yín l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, ilé ni lójú wọn. Àǹfààní ẹni tí kò ní ilé rí ti bọ́ lọ́wọ́ yín nìyẹn. Kò tún tán síbẹ̀: bí ilé ọ̀hún bá tó £40,000, tí kì í sì í ṣe pé ẹ ta ilé tẹ́ ẹ ń gbé láti fi èyí rọ́pò ẹ̀, wọ́n á fi 5% kún ìkòkò kọ̀ọ̀kan, títí kan àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìyẹn ni £17,000 lórí £7,000: £24,000. Ilé ọkọ tàbí ti ìyàwó náà wà nínú ìṣirò yìí, bí orúkọ ẹ̀ ò tiẹ̀ sí nínú ìwé tuntun.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ sọ ti ilé yẹn fún lọ́yà yín. Ọjọ́ 14 péré ló wà lẹ́yìn tí ilé bá di tiyín láti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí HMRC, iléeṣẹ́ agbowó-orí ìjọba, kí owó náà sì wọlé.