Yìnyín Nínú Omi Tó Lọ́ Wọ́ọ́rọ́: Níbo Ni Ooru Náà Gbà Lọ?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹni tó bá mọ gàrí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé omi tútù ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán gangan ní Ìjẹ̀bú-Òde, omi inú kẹ́ẹ̀gì lè ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé 30 dígírì. A ó wá yìnyín sọ sí i nìyẹn. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ lónìí ni pé, tí yìnyín náà bá yọ́ tán, dígírì mélòó ni omi yẹn yóò dúró sí?

Ife fóòmù rèé níwájú mi, irú èyí tí ooru kì í tètè gba ara rẹ̀ kọjá. Omi 200 gíráàmù ló wà nínú rẹ̀, tẹ̀mọ́mítà sì ń ka 30. Yìnyín ọwọ́ mi yìí jẹ́ 50 gíráàmù. Mo ti gbé e síta títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, nítorí náà 0 dígírì ló wà. Mo sì ti fi táwẹ̀lì nù ún gbẹ.

Mo sọ ọ́ sí omi báyìí, mo ń rò ó. Ẹ wo tẹ̀mọ́mítà. Ó kúrò ní 30, ó bọ́ sí 25, ó bọ́ sí 20, ó ṣì ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé níwọ̀n ìgbà tí èérún yìnyín kan bá ṣì léfòó lójú omi, kò tíì parí. Ó di ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn bá pòórá kí á tó ka dígírì tó kéré jù lọ. Fún òǹkà tí a mú yìí, 8 dígírì ló yẹ kó já sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ti sọ pé 24. Wọ́n ní yìnyín jẹ́ 0, omi jẹ́ 30, ká ṣáà pò wọ́n pọ̀. Ká ní omi tútù 50 gíráàmù tó wà ní 0 dígírì la dà sínú ife náà, 24 ni ìdáhùn lóòótọ́. Omi àti yìnyín jọ wà ní 0 dígírì, síbẹ̀ ọ̀kan mú ife náà wá sí 24, èkejì fà á dé 8. Níbo ni ìyàtọ̀ yẹn ti wá?

Láti inú yíyọ́ ni. Nínú yìnyín, àwọn mólékù omi di ara wọn mú pinpin. Kí wọ́n tó lè tú, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ooru, gbogbo ooru tí wọ́n bá sì gbà nígbà yẹn, inú ìtúsílẹ̀ ló ń bá lọ. Kò sí èyí tó kù tí yóò mú kí tẹ̀mọ́mítà gòkè. Yìnyín ń gba ooru, síbẹ̀ ó wà ní 0 dígírì títí ó fi yọ́ tán. Joseph Black, tó ń kọ́ni ní Glasgow, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 1761. Ooru afarasin la ó máa pè é níbí.

Ó sì pọ̀ gan-an. Láti yọ́ gíráàmù yìnyín kan, júùlù 336 ni à ń ná. Láti mú kí gíráàmù omi kan fi dígírì kan gbóná sí i, júùlù 4.2 péré ni. Ooru tó yọ́ gíráàmù yìnyín kan tó láti gbé gíráàmù omi kan láti 0 dé 80 dígírì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Èmi kò fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ kàn gbé gbogbo rẹ̀ sínú fọ́múlà kan lẹ́ẹ̀kan náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣìnà. Ẹ fi ooru ṣe bí owó tó wà lọ́wọ́ omi. Kọ́kọ́ béèrè pé: èló ni omi lè ná kó tó já sí 0 dígírì?

200 × 4.2 × 30 = 25200 júùlù.

Èló ni yìnyín ń béèrè kó lè yọ́ tán?

50 × 336 = 16800 júùlù.

Owó tó. Gbogbo yìnyín ni yóò yọ́, 8400 júùlù yóò sì ṣẹ́ kù. Omi inú ife ti wá di 250 gíráàmù, dígírì kan sì ń gba 250 × 4.2, ìyẹn 1050 júùlù. 8400 pín sí 1050 jẹ́ 8. Òun ni 8 dígírì wa.

Ẹ jẹ́ ká wá fi yìnyín kún un, kó di 100 gíráàmù. Yìnyín yóò béèrè 33600 júùlù, ṣùgbọ́n 25200 péré ni omi ní. Owó kò tó. Ẹni tó bá sáré fi fọ́múlà ṣe é yóò rí nǹkan bí −6.7 dígírì. Ìdáhùn tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 0 báyìí, ẹ mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí yìnyín tó wà ní 0 kò lè mú omi tutù ju ara rẹ̀ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé 25200 pín sí 336, ìyẹn 75 gíráàmù, ló yọ́. 25 gíráàmù ṣì léfòó, gbogbo rẹ̀ sì wà ní 0 dígírì.

Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fírísà jáde ńkọ́? Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ó gbẹ, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, ó sì ń dún kẹ́-kẹ́ bó ṣe ń sán nínú omi. Láti mú kí gíráàmù yìnyín kan fi dígírì kan gbóná sí i, júùlù 2.1 ni. Tó bá wà ní −10 dígírì, 50 gíráàmù yóò kọ́kọ́ gba 50 × 2.1 × 10, ìyẹn 1050 júùlù, kó tó dé 0. Ife wa yóò parí sí 7 dípò 8. Ìyàtọ̀ yẹn kéré, torí yíyọ́ gan-an ló ń gba ooru jù.

Nínú lábù, 336 yẹn gan-an ni wọ́n máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá rí fúnra rẹ̀, ó sì máa ń kéré jù. Ohun tó sábà fà á ni yìnyín tí omi ti wà lára rẹ̀. Ká ní nínú 50 gíráàmù wa, 5 ti di omi kí a tó sọ ọ́ sínú ife. 45 péré ló kù láti yọ́, tẹ̀mọ́mítà yóò sì dúró sí 9.6. Ẹni tó bá fi 9.6 yìí ṣírò bí ẹni pé gbogbo 50 ló yọ́ yóò rí nǹkan bí 302. Ìdí tí mo fi nu yìnyín mi gbẹ nìyẹn.

Tí ẹ bá nù ún gbẹ tí èsì ṣì kéré, ooru inú yàrá ló ń wọlé. Tí yàrá bá wà ní 28 dígírì, ife tó ń lọ láti 30 dé 8 yóò máa gba ooru láti ìta ní gbogbo ọ̀nà, àfi ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìkan. Ẹ gbé omi náà dé 38, kí ẹ sọ yìnyín 40 gíráàmù sí i. Yóò parí sí nǹkan bí 18. Dígírì mẹ́wàá ló fi ga ju yàrá lọ níbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí mẹ́wàá náà ló sì fi rẹlẹ̀ sí i lópin. Ooru tó sọnù nígbà tí omi gbóná ju yàrá lọ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tó wọlé lẹ́yìn náà dọ́gba.