Èébì Oyún Tó Kọjá Èébì Àárọ̀: Omi Wo Lẹ Ń Fà fún Aláboyún Yẹn?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lónìí lórí pé aláboyún máa ń bì, gbogbo wa la mọ̀ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ wò ni ìgbà tí èébì náà bá ti kúrò ní ti oyún lásán, tó ti di àìsàn tó ní orúkọ tiẹ̀, haipẹrẹ́mẹ́sìsì, àti irú omi tí wọ́n máa ń sáré fà fún obìnrin bẹ́ẹ̀. Torí omi yẹn gan-an ni mo ṣe jókòó síwájú kámẹ́rà.

Ẹ jẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ ná. Ẹni tó ní èébì oyún lásán lè bì láàárọ̀, ó lè bì lálẹ́, èébì ò mọ aago, àmọ́ láàárín méjì yẹn ó ṣì ń rí nǹkan jẹ, omi tó mu ń dúró níkùn, ó ń tọ̀ dáadáa, kílò ẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ já. Irú èyí, bisikíìtì gbígbẹ kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, atalẹ̀ díẹ̀ nínú omi gbígbóná, oúnjẹ kékeré lemọ́lemọ́, ó máa fi gbé e. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 16 sí 20, ti ọ̀pọ̀ wọn ti lọ.

Haipẹrẹ́mẹ́sìsì ò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn ò lè jẹ, ò lè mu, omi ṣíbí kan tó gbé mì á padà, kò lè dìde ṣe nǹkan kan nínú ilé. Ìtọ̀ ẹ̀ á dín kù, á pọ́n, ètè á gbẹ, tó bá dìde dúró òòyì á kọ́ ọ. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n: tí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tó ní kó tó lóyún bá ti lọ, ẹ má jókòó sílé mọ́. Kódà kílò ò tíì já tóyẹn, tí omi ò bá ti dúró níkùn ẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ gbé e lọ.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ọkọ, kì í ṣe àkẹ́jù, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi ọmọ máa ń tú họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní GDF15 sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2023 sì fi hàn pé obìnrin tí họ́mọ̀nù yẹn kéré lára ẹ̀ kó tó lóyún ni ara ẹ̀ kì í gbà á nígbà tó bá ya dé. Ara ẹ̀ ò tíì mọ̀ ọ́n ni. Kò sí bó ṣe fẹ́ fi ìgboyà lé e lọ.

Ó dáa, ẹ fọkàn bá mi lọ báyìí. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan, ká máa pè é ní Bísọ́lá. Oyún ẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 9. Kó tó lóyún ó wọn kílò 62, báyìí 57 ló wọn, kílò 5 ti lọ, ìyẹn sún mọ́ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò tíì jẹ oúnjẹ kan kó dúró. Látàná, ẹ̀ẹ̀kan ló tọ̀. Kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe fún un nílé? Wọ́n á gbé e lọ sí kẹ́mísìtì ìsàlẹ̀ àdúgbò, wọ́n á ní "ẹ bá wa fa omi fún un, kò lókun nínú mọ́", wọ́n á sì so dẹ́sítróòsì mọ́ ọn, torí ṣúgà ló wà nínú ẹ̀, ṣúgà ló sì ń fún èèyàn lágbára, àbí?

Ẹ DÚRÓ. Ibẹ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í, ibẹ̀ yẹn!

Ẹ jẹ́ kí n fi jẹnẹrétọ̀ ṣàlàyé, torí òun ló máa ń yé àwọn èèyàn mi jù. Tí púlọ́ọ̀gì jẹ́ẹ̀nì yín bá ti kú, tí ẹ ń rọ epo sí i, ẹ ń fa okùn, ẹ ń rọ epo sí i, ṣé ó máa ṣiṣẹ́? Kò ní ṣiṣẹ́, epo á kàn kún inú ẹ́ńjìnnì ni, á tún bà á jẹ́ sí i. Fítámì B1, tí wọ́n ń pè ní tayamíìnì, òun ni púlọ́ọ̀gì yẹn. Òun ló ń jẹ́ kí ara lè sun ṣúgà di agbára. Èyí tí ara ń tọ́jú pamọ́ kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ tí oúnjẹ ò bá wọlé, Bísọ́lá ò sì tíì jẹun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Tí ṣúgà bá wá rọ́ wọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lójijì, ìwọ̀nba B1 tó kù ni ara máa lò tán lórí ṣúgà yẹn, ọpọlọ á wá ṣófo.

Mo ti rí i lójú ara mi ní wọ́ọ̀dù. Obìnrin kan tí wọ́n ti fa dẹ́sítróòsì fún níbòmíràn, ọjọ́ kejì tó fẹ́ lọ tọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mutí, mo ní kó wo ìka mi, ojú ẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì, kò lè dì í mú, ó tún ń bi mí pé ọjọ́ wo lòní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Àwọn ẹbí ẹ̀ ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n ti fẹ́ gbé e lọ sílé àdúrà. Bẹ́ẹ̀ B1 ló tán lọ́pọlọ. A fún un ní B1 tó pọ̀ gba inú iṣan, ojú yẹn ló kọ́kọ́ padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ pẹ́ kó tó dúró. Ti ẹlòmíì, iyè inú ò ní padà pé mọ́ láéláé. Nítorí ọ̀rá ṣúgà kan!

Ẹ jẹ́ kí n pariwo ẹ̀: B1 KỌ́KỌ́ WỌLÉ, KÍ ṢÚGÀ TÓ WỌLÉ. B1 kọ́kọ́! Tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí ṣúgà ẹ̀ ti já kọjá ààlà lóòótọ́, kí wọ́n fún un ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má fi B1 sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo yọ sílẹ̀.

Omi wo wá ni? Nọ́máàlì sàláìnì, èyí tí wọ́n kọ 0.9% sára ẹ̀. Omi àti iyọ̀ ni Bísọ́lá bì dànù, omi àti iyọ̀ ló yẹ kó padà. Ní ọsibítù, wọ́n á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ láti wo iyọ̀ ara, wọ́n á yẹ ibà àti ìtọ̀ wò, wọ́n á ṣe sukáánù bóyá ìbejì ni, tàbí oyún tí kò dára tó ń hù bí èso àjàrà. Lẹ́yìn náà wọ́n lè fa lítà kan láàárín wákàtí méjì, wọ́n á sì fún un ní B1 mílígíráàmù 100 gba inú iṣan láti ìbẹ̀rẹ̀. Lítà kejì á rọra lọ díẹ̀, bíi wákàtí mẹ́rin, èyí ni wọ́n á fi pọtásíọ̀mù sí, mìlímóòlù 20, torí èébì máa ń jẹ́ kí pọtásíọ̀mù ara lọ silẹ̀, ọkàn ò sì fẹ́ràn ìyẹn rárá. Ẹ gbọ́ o, kì í ṣe kéèyàn fi síríńjì fa pọtásíọ̀mù kó tì í bọ iṣan tààrà, ìyẹn lè dá ọkàn dúró lójú ẹsẹ̀. Inú ọ̀rá omi ló ń lọ, kí wọ́n mì í pọ̀ dáadáa, kí wọ́n sì ti rí i pé ó ń tọ̀. Ohun tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló máa sọ èyí tó kù, torí tí iyọ̀ ara bá ti lọ silẹ̀ púpọ̀, kò gbọ́dọ̀ yára gòkè, ó lè ṣe ọpọlọ léṣe.

Àwọn kan á tún ní nọ́ọ̀sì yẹ ìtọ̀ wò, kò rí kítóònù, ohun tí ara máa ń tú sínú ìtọ̀ tó bá ń sun ọ̀rá ara torí oúnjẹ ò wọlé, nítorí náà kò le. Irọ́ ni! Kítóònù kọ́ ló ń sọ bí haipẹrẹ́mẹ́sìsì ṣe le tó. Kílò ẹ̀, ìtọ̀ ẹ̀, àti bóyá omi ń dúró níkùn, ìyẹn lẹ máa wò.

Ó ku oògùn tó ń dá èébì dúró. Ohun àkọ́kọ́, ẹni tó ń bi omi ṣíbí kan kò lè gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mì, ẹ má fìyà jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ ni, tàbí èyí tí wọ́n ń fi sí ìdí, títí tí ikùn á fi gbà. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí a ti ń lò fún aláboyún láti ọjọ́ pípẹ́: dọkisiláámíìnì pẹ̀lú fítámì B6, tàbí saikilisíìnì mílígíráàmù 50 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tàbí puromẹtasíìnì. Wọ́n máa ń kun èèyàn lóorun, ẹ jẹ́ kó sùn.

Tí ìyẹn ò bá tó, mẹtokulopuramáìdì ló máa ń tẹ̀ lé e, mílígíráàmù 10. Òun yìí, ẹ máa ṣọ́ ọ lára ọ̀dọ́bìnrin, torí ó lè fa ọrùn wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú yí sókè kó dúró síbẹ̀, ẹbí á tún ní ayé. Tẹ́ ẹ bá ti rí i, kí wọ́n dá a dúró, oògùn tó ń tú u wà. Ẹni tó ń fún un lábẹ́rẹ́ kó rọra, ó kéré tán ìṣẹ́jú mẹ́ta, kì í ṣe kó tì í wọlé pàì. Kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ márùn-ún lọ.

Ọndansẹ́túrọ̀nì ńkọ́? Ó lágbára, ó ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti gbọ́ pé ó ń mú kí ẹnu ọmọ là, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí gan-an: nínú ọmọ 10,000, bíi 11 ni ẹnu tàbí àjà ẹnu wọn máa ń là tẹ́lẹ̀ tí ìyá ò bá lò ó, tó bá lò ó láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ á tó 14. Mẹ́ta ló lé. Ẹ fi ìyẹn wé ìyá tí kò lè gbé omi mì, kí ẹ jókòó pẹ̀lú dókítà ẹ fẹnu kò. Ohun tí èmi ń bẹ yín lórí ẹ̀ ni méjì: ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le gan-an, kí wọ́n fún un ní oògùn ìgbẹ́ mọ́ ọn; ó sì lè da lílù ọkàn rú, pàápàá tí pọtásíọ̀mù bá ti lọ silẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí, ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò KÍ WỌ́N TÓ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lemọ́lemọ́?

Tí gbogbo ìyẹn bá kùnà, sìtẹ́rọ́ìdì wà, ọwọ́ dókítà ọsibítù nìyẹn. Tí wọ́n bá gbà á sí wọ́ọ̀dù, kí wọ́n ronú abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì pẹ̀lú, torí aláboyún tí omi ò sí lára ẹ̀, tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tọ̀sán tòru, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i lẹ́sẹ̀.

Tí Bísọ́lá bá wá ń lọ sílé, kí oògùn náà bá a lọ, kó máa lò ó lásìkò, kì í ṣe kó dúró títí èébì á tún fi gbé e. B1 tábúlẹ́ẹ̀tì á bá a lọ. Kí ọkọ ẹ̀ máa gbé e sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ìtọ̀ bá tún dín kù, tí omi ò bá dúró níkùn fún ọjọ́ kan, kó padà wá lọ́jọ́ yẹn, kó sì sọ fún nọ́ọ̀sì tó bá bá lẹ́nu iṣẹ́ pé òun ò tíì jẹun dáadáa láti ọ̀sẹ̀ báyìí báyìí, kí wọ́n fún òun ní B1 kí wọ́n tó so omi kankan mọ́ òun.