Bátìrì yìí á wọ bààlúù àbí kò ní wọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò wáàtì-áwà ẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo bátìrì méjì tó wà lórí tábìlì mi yìí. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, páwà báǹkì ni, 20000 mAh ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára. Èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, ti dróònù tí mo fi ń ya fídíò ni, 5000 mAh péré ló wà lára tiẹ̀. Tí mo bá bi yín pé èwo ni iná pọ̀ nínú ẹ̀ jù, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín máa ní páwà báǹkì ni, torí 20000 ju 5000 lọ. Ẹ má bínú, ti dróònù yẹn ló pọ̀ jù. A máa jọ ṣírò ẹ̀ báyìí, torí tẹ́ ẹ bá ti mọ ìdí ẹ̀, kò sí ẹni tó máa gba bátìrì lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú tẹ́ ẹ máa wá dúró bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìgbéyàwó, ìsìnkú, oyè jíjẹ, a tún máa ń gun Òkè Ìdànrè lọ ya fídíò fáwọn tó bá fẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn wọn nínú fídíò rẹwà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ríṣẹ́ sí Àbújá, mo kó bátìrì kámẹ́rà mẹ́ta sínú báàgì ọwọ́, ọ̀kan nínú wọn ti gbó débi pé gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ sí i lára ti pa rẹ́. Ọkùnrin sẹkọ́ríìtì yẹn yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ọ̀gá, mélòó ni Wh ẹ̀?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bátìrì kékeré ni." Ó ní òun ò bèèrè bó ṣe tóbi tó. Bí bátìrì yẹn ṣe lọ nìyẹn, ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà, àmọ́ ó ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, torí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí òfin ní kó wò, èmi ni mi ò lè fi hàn án.

Nọ́ńbà yẹn ni wáàtì-áwà, òun ni wọ́n máa ń kọ ní Wh. Iye agbára tó wà nínú bátìrì látìgbà tó bá kún títí tó fi máa tán ló ń sọ. Òfin tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bààlúù kárí ayé ń tẹ̀ lé nípa bátìrì sípíà rọrùn: tí bátìrì lítíọ́mù bá jẹ́ 100 Wh tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè gbé e sínú báàgì ọwọ́ láìtọrọ àyè. Tó bá ti ju 100 lọ àmọ́ tí kò ju 160 lọ, ẹ máa gbàyè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ bààlúù yẹn kẹ́ ẹ tó rìn, kò sì lè ju méjì lọ fún ẹnì kan. Tó bá ti kọjá 160, kò sí àyè ẹ̀ nínú ẹrù èrò ọkọ̀ rárá, àfi kó bá kágò lọ. Bátìrì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò o, wọn kì í ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, torí náà bátìrì 77 Wh méjì kì í ṣe 154 lójú òfin, 77 lọ́nà méjì ni.

Báwo la ṣe ń wá a? Ẹ wo ara bátìrì yẹn dáadáa ná, wọ́n sábà máa ń kọ Wh sí i, lẹ́tà kékeré báyìí. Látọdún 2009 lòfin ti ní kí wọ́n máa kọ ọ́ sára bátìrì lítíọ́mù tuntun. Tẹ́ ẹ bá rí i, iṣẹ́ ti parí. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ wá mAh àti V, ìyẹn fólítì ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe báyìí:

```
Wh = mAh ÷ 1000 × V
```

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tábìlì. Páwà báǹkì: 20000, ẹ fi 1000 pín in, ó di 20. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ jẹ́ 3.7 V. 20 lọ́nà 3.7 jẹ́ 74 Wh. Bátìrì dróònù: 5000, ẹ fi 1000 pín in, ó di 5. Wọ́n kọ 15.4 V sí i lára, torí sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni wọ́n tò tẹ̀ léra nínú ẹ̀. 5 lọ́nà 15.4 jẹ́ 77 Wh. Ṣé ẹ rí i? Bátìrì oní-5000 ló fi 3 Wh ju oní-20000 lọ. mAh nìkan ò lè sọ nǹkan kan fún yín, àfi tí fólítì wọn bá dọ́gba.

Ibi tó ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà rèé. Lọ́sẹ̀ kan mo dúró lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ta ṣájà àti páwà báǹkì nítòsí Ọjà Ọba, mo ń wá èyí tó lágbára díẹ̀. Ó mú 30000 mAh jáde, ó ní, "Bọ̀dá, èyí á wọ bààlúù, 90 Wh ni." Mo ní báwo lo ṣe mọ̀. Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ pa dà fún mi, lóòótọ́ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 18000 mAh ní 5V, ọmọ yẹn sì ti fi 18 lọ́nà 5, ó jẹ́ 90. Kò purọ́, ìṣirò ẹ̀ náà ò sì burú, fólítì tó mú ni kì í ṣe èyí tó yẹ. 5V yẹn, ojú ihò tá a ń ki wáyà fóònù bọ̀ ló wà, iná tó ń jáde síta lẹ́yìn tí ẹ̀rọ inú ẹ̀ ti gbé fólítì sókè tí díẹ̀ sì ti ṣòfò sínú ooru nìyẹn. Ohun tí òfin ń bèèrè ni èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì gangan. 30000, fi 1000 pín in, lọ́nà 3.7, ó jẹ́ 111 Wh. Ó ti kọjá 100 nìyẹn, ó di èyí tí wọ́n máa gbàyè ẹ̀.

Àwọn míì tún máa ń ṣe òdì kejì ẹ̀, wọ́n á mú mAh tó tóbi, wọ́n á fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀. Páwà báǹkì 27000, wọ́n á ní 135 ni, wọ́n á gbé e sílé, bẹ́ẹ̀ 99.9 Wh ni, kò tiẹ̀ nílò ìyọ̀ǹda. Torí náà, tí fólítì méjì bá wà lára páwà báǹkì, èyí tó wà nítòsí 3.7 ni kẹ́ ẹ mú, ó lè jẹ́ 3.6, ó lè jẹ́ 3.85. Ti 5, 9 àti 12 yẹn, ti ojú ihò ni.

Ẹ tún ṣọ́ra fáwọn páwà báǹkì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 50000 mAh sí lára tó sì fúyẹ́ bí ike lásán. Ó lè máà tó 10000 nínú, àmọ́ sẹkọ́ríìtì ò ní tú u wò, ohun tí wọ́n kọ sí i ló máa kà, 50 lọ́nà 3.7 sì jẹ́ 185 Wh. Wọ́n ti rẹ́ yín jẹ lọ́jà, wọ́n tún máa gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀.

Èyí tó kù jẹ́ ti àwa tá a máa ń ní kí wọ́n bá wa to bátìrì. Rẹ́páírà kan ládùúgbò wa bá mi to bátìrì fún iná fídíò mi, sẹ́ẹ̀lì 12 tó tú jáde látinú láàpútọ́ọ̀pù tó ti bàjẹ́, 2500 mAh ni ìkọ̀ọ̀kan, 3.7 V. Ó to mẹ́rin mẹ́rin tẹ̀ léra, ó wá so ìlà mẹ́ta yẹn pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi ṣírò ẹ̀. Ó ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 12 lọ́nà 2500, ó ní 30000 ni, ó tún fi 14.8 V sọ ọ́ di púpọ̀, ó pariwo pé, "Ọ̀gá, 444 Wh!" Mo ní fara balẹ̀, o ti ka sẹ́ẹ̀lì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá to sẹ́ẹ̀lì tẹ̀ léra, fólítì ló ń pọ̀ sí i, mAh ò kúrò níbi tó wà. Tí wọ́n bá so wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mAh ló ń pọ̀, fólítì ò kúrò níbi tó wà. Mẹ́rin tẹ̀ léra jẹ́ 14.8 V, ìlà mẹ́ta jẹ́ 7500 mAh. 7.5 lọ́nà 14.8 jẹ́ 111 Wh. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ṣírò sẹ́ẹ̀lì kan: 2.5 lọ́nà 3.7 jẹ́ 9.25, lọ́nà 12 jẹ́ 111. Tí ọ̀nà méjèèjì ò bá bára mu, àṣìṣe ti wà níbì kan.

Inú ọmọ iṣẹ́ mi dùn, ó ní ṣebí kò tíì dé 160, ká gbàyè ká máa gbé e lọ. Mo ní rárá o. Bátìrì tó bá máa wọ bààlúù gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ti yege àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní UN 38.3, wọ́n á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, wọ́n á mú un gbóná, wọ́n á bríìjì ẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó máa gbiná. Èyí tí wọ́n tò ládùúgbò ò ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀. Ilé ló ń wà, Àkúrẹ́ níbí la ti ń lò ó.

Kí ló dé tó jẹ́ báàgì ọwọ́ nìkan ni wọ́n fàyè gbà fún sípíà, tí páwà báǹkì náà wà lára ẹ̀, tí ẹ ò gbọ́dọ̀ kó o sínú ẹrù tí wọ́n ń gbà ní káńtà? Tí sẹ́ẹ̀lì kan bá gbóná kọjá ààlà, ooru ẹ̀ ló máa mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ran ara wọn títí. Gáàsì tí wọ́n fi ń paná nínú ikùn bààlúù lè pa ọwọ́ iná, àmọ́ kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tutù. Lókè níbi tí èèyàn jókòó sí, àwọn òṣìṣẹ́ máa tètè rí èéfín, wọ́n á da omi sí i kó lè tutù. Bí iye Wh bá ṣe pọ̀ tó ni ohun tí wọ́n máa bá jà ṣe máa pọ̀ tó, ìdí tí wọ́n fi fi ààlà sí i nìyẹn.

Ẹ wo bí mo ṣe ń di tèmi. Mo lẹ téèpù mọ́ ojú irin bátìrì kọ̀ọ̀kan, mo fi sínú ọ̀rá tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ tàbí owó onírin má bàa kàn án kó bríìjì. Èyí tó bá ti wú, bó tilẹ̀ jẹ́ 10 Wh, mi ò kó o mọ́ wọn. Mo sì máa ń ka òfin ilé iṣẹ́ bààlúù tí mo fẹ́ wọ̀, torí wọ́n lè fi tiwọn kún un, bíi ti Emirates, látọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2025 páwà báǹkì kan ṣoṣo tí kò tó 100 Wh ni wọ́n fàyè gbà fún ẹnì kan, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ lò ó nínú bààlúù wọn.

Bátìrì kámẹ́rà tí mo rà dípò ti àkọ́kọ́ yẹn rèé, 7.2 V, 6600 mAh, 47.5 Wh. Ọjọ́ tí mo rà á ni mo ti fi fóònù ya àwòrán ẹ̀yìn ẹ̀, mo sì fi téèpù tó mọ́ gaara bo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí kó má bàa pa rẹ́.