Kí Àwọ̀ Ìyàwó Má Baà Ṣá, Kó Má sì Di Àwọ̀ Ọsàn

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká mú fọ́tò kan ṣoṣo. Ìyàwó dúdú wọ léèsì funfun, ó fi iyùn sọ́rùn, gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè ló sì ń tàn nínú gbọ̀ngàn. Léèsì yẹn ti tan kámẹ́rà jẹ: ó rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ jù, ó dín in kù, ojú ìyàwó wá ṣókùnkùn.

Ọ̀pọ̀ á ṣí Lightroom, wọ́n á ti Luminance ti Orange sókè. Ibẹ̀ gan-an ni àwọ̀ ti ń ṣá. Ojú á mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ń dán àti ibi tó ṣókùnkùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọgbọọgba, awọ á wá rí bí ti ẹni tí kò fi ìpara para nígbà ọyẹ́. Láti pa eérú yẹn rẹ́, wọ́n á ti Saturation sókè, ojú á sì di àwọ̀ ọsàn.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni ká kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ tẹ W, kí ẹ tẹ ibi tí léèsì ti funfun ṣùgbọ́n tí òwú rẹ̀ ṣì hàn. Ká ní Temp wà ní 4000, tó wá bọ́ sí 3200. Èmi á dá a padà díẹ̀, sí nǹkan bí 3350, torí iná gbọ̀ngàn náà kò funfun, kò sì yẹ kí fọ́tò purọ́ nípa rẹ̀. Ẹ wá gbé àmì máòsì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ wo iye R, G àti B. Bí ó bá jẹ́ 52, 31, 14, B ti kéré jù, ọsàn nìyẹn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, eérú ni. Irú 44, 31, 24 ló sún mọ́ awọ ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú, ọrùn àti ọwọ́ pọ̀, láìfi kan iyùn, kí ẹ fún wọn ní Exposure +0.40. Ẹni tó bá fo ọrùn á rí orí ẹlòmíràn lórí ara ìyàwó. Ẹ má fa Highlights wálẹ̀ tán, nítorí dídán iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń jẹ́ kí ojú dúdú ní ìrísí. Bí a bá pa á, ojú á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Bí ọsàn díẹ̀ bá ṣì kù, inú búrọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni kí ẹ ti dín Saturation kù, bíi −8. Ẹ má dín Orange kù lórí gbogbo fọ́tò, torí ibẹ̀ ni àwọ̀ iyùn náà wà. Iyùn á ṣá pẹ̀lú awọ.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ JPEG, tí R ti kan 100 ní iwájú orí, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ. Bí a bá fà á wálẹ̀, àbàwọ́n ọsàn ló máa kù. RAW ni kí ẹ máa fi ya irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀.