Nọ́ńbà ipa ọ̀nà ayé: kí ló dé tí ẹnì kan fi rí 2, tí ẹlòmíràn rí 11?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí ni bí a ṣe ń fi ọjọ́ ìbí ṣírò nọ́ńbà ipa ọ̀nà ayé, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn tó ń fi nọ́ńbà wo ayé ẹni gbà pé ó ń sọ ìwà àti ọjọ́ iwájú èèyàn. Ibi tí àríyànjiyàn ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ dúró sí. Èèyàn méjì á ṣírò ọjọ́ ìbí kan náà, ọ̀kan á ní 2 ló jáde, èkejì á ní 11 ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí èyí tó ṣì í rò nínú àwọn méjèèjì.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò le. A ó ro àwọn nọ́ńbà inú ọjọ́ ìbí pọ̀. Tí àròpọ̀ bá ju 9 lọ, a ó tún ro àwọn ẹyọ inú rẹ̀ pọ̀, títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n tí ó bá já sí 11 tàbí 22, a ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn yìí ni wọ́n ń pè ní ọ̀gá nọ́ńbà. Àwọn kan ń ka 33 mọ́ wọn, àwọn mìíràn kò gbà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ 14, oṣù kẹjọ, ọdún 1987. Ọ̀nà kan ni pé ká kọ́kọ́ yanjú ọjọ́, oṣù àti ọdún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀:

1 + 4 = 5
Oṣù jẹ́ 8
1 + 9 + 8 + 7 = 25, 2 + 5 = 7
5 + 8 + 7 = 20, 2 + 0 = 2

Ọ̀nà kejì ni pé ká to gbogbo ẹyọ náà sórí ìlà kan, ká rò wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan:

1 + 4 + 8 + 1 + 9 + 8 + 7 = 38, 3 + 8 = 11

Ẹ wò ó: ọ̀nà kan gbé 2 wá, èkejì gbé ọ̀gá nọ́ńbà wá. Ìdí ni pé nígbàkúùgbà tí a bá ro ẹyọ inú nọ́ńbà pọ̀, 9 tàbí ìlọ́po 9 la ń yọ kúrò níbẹ̀. 14 di 5, 9 ló lọ. 25 di 7, 18 ló lọ. Nítorí náà, ọ̀nà yòówù kí a gbà, tí a bá fọ́ àbájáde náà dé òpin, ẹyọ kan náà la ó bá níbẹ̀, torí pé 11 náà, 1 + 1, 2 ni. Àmọ́ ibi tí a ti kọ́kọ́ yọ 9 ló ń pinnu bóyá a ó gba orí 11 kọjá tàbí a ó fò ó.

Èyí fún wa ní ọ̀nà láti mọ àṣìṣe. 2 àti 11, 4 àti 22, 6 àti 33 nìkan ló lè yàtọ̀ síra báyìí. Tí ẹnì kan bá rí 1, tí ẹlòmíràn rí 2 lórí ọjọ́ kan náà, ẹnì kan ti ṣì í rò. Ohun tó sábà ń fà á ni kíkọ ọdún ní gígé, kí wọ́n kọ 87 dípò 1987. 1 àti 9 tí wọ́n gé kúrò jẹ́ 10, ìyẹn 1, nítorí náà àbájáde á fi 1 dín. Fún àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 1999, 2 ni yóò fi dín.

Ẹnì kan béèrè bóyá ó yẹ ká kọ oṣù ṣáájú ọjọ́. Kò ṣe nǹkan kan, àròpọ̀ ni.

Èrò tèmi ni pé ọ̀nà àkọ́kọ́ ló dára jù, torí pé nínú ìmọ̀ fífi nọ́ńbà wo ayé ẹni yìí, ọjọ́, oṣù àti ọdún ní ìtumọ̀ tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí kò gbọdọ̀ fọ́ ọ̀gá nọ́ńbà tó bá pàdé lójú ọ̀nà. Ẹ wo ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2004. 29 já sí 11, oṣù jẹ́ 5, ọdún jẹ́ 6, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 22. Tí a bá ti fọ́ 11 yẹn di 2, 13 la ó rí, tí yóò di 4, 22 á sì ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ àròpọ̀ ìkẹyìn mọ́ ẹyọ tó já sí: 22/4 fún ẹni yìí, 20/2 fún ti 1987. Ẹni tó bá kà á á mọ ibi tí nọ́ńbà náà gbà wá.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí láìfi bò: sáyẹ́ǹsì kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé nọ́ńbà yìí ń sọ ìwà tàbí ọjọ́ iwájú ẹnikẹ́ni. Kàlẹ́ńdà tí a ń lò náà sì ń yí i padà. Ní Rọ́ṣíà, ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 1918, ọjọ́ 14, oṣù kejì ni wọ́n pè é. Ẹni tí wọ́n bí níbẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ní ọjọ́ ìbí méjì lórí ìwé, ọ̀kan ti àtijọ́, ọ̀kan ti tuntun, nọ́ńbà méjì sì lè jáde fún un. Ẹ kọ́kọ́ béèrè kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi kọ ọjọ́ náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohunkóhun pọ̀.